Ìlà Kan Tó Ń Sọnù Lẹ́nu Ọ̀nà

Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé kò tíì lù tán tí fóònù mi fi ń dún. Akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan nílùú Ìbàdàn ló ń pè mí, Ìyá Akápò ni gbogbo wa sì ń pè wọ́n. Ọlọ́jà ló pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ náà. Èmi àti ẹnìkejì mi la kọ áàpù tí wọ́n fi ń wo iye tí kálukú ti dá àti iye tó kù nínú owó tí wọ́n yá.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé o jí ire? Áàpù yìí ní kí n wọlé, mo wọlé. Mo ní kó fi owó mi hàn mí, ó tún ní kí n wọlé. Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé tí mo ti ń tẹ páásìwọ́ọ̀dù láti ìdájí. Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe owó wa?"

"Ẹ káàárọ̀, mà. Kò sí nǹkan tó ṣe owó yín. Ẹ jẹ́ kí n wò ó, màá pè yín padà láàárín wákàtí kan."

Wákàtí mẹ́jọ ló gbà mí. Ohun tí mo sì bá nídìí ọ̀rọ̀ náà kò ju ìlà kan ṣoṣo lọ nínú fáìlì kan. Mo fẹ́ sọ bó ṣe rí, torí pé irú àìsàn yìí wọ́pọ̀ láàárín àwa tó ń kọ kóòdù, ó sì lè da gbogbo ọjọ́ rú láìjẹ́ pé ẹ̀rọ kankan ké pé nǹkan ń ṣe òun.

Ẹni tó bá gba owó ní báńkì kí ẹ̀rọ tó ń pọ owó tó gbòde á rántí tálì. Wàá kó ìwé rẹ fún akọ̀wé, á yẹ ìwé náà wò, á fún ọ ní irin pelebe kan tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀, wàá sì lọ jókòó. Nígbà tí wọ́n bá pe nọ́ńbà rẹ, tálì yẹn ni wàá nà sí wọn. Kò sẹ́ni tó tún máa ní kó o mú ìwé wá. Bí áàpù wa ṣe ń ṣe nìyẹn. Bí Ìyá Akápò bá tẹ orúkọ àti páásìwọ́ọ̀dù wọn, sáfà á yẹ̀ ẹ́ wò, á sì fún fóònù wọn ní tálì kan. Lẹ́tà gígùn gbọọrọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `eyJ` ni tálì náà. Láti ìgbà yẹn lọ, gbogbo ohun tí fóònù wọn bá ń béèrè, á kọ tálì yẹn sókè ìbéèrè náà. Dandan ni kó kọ ọ́ nígbà gbogbo, torí sáfà kì í rántí ẹnikẹ́ni. Bí ìbéèrè ẹgbẹ̀rún bá wá láti ọwọ́ ẹnì kan náà, lójú sáfà, àlejò ẹgbẹ̀rún ló kan ilẹ̀kùn.

Bí ìbéèrè náà ṣe rí nígbà tó ń kúrò lórí fóònù nìyí:

```
GET /api/owo HTTP/1.1
Host: ajo.example
Authorization: Bearer eyJ...
```

Ìlà kìíní ń sọ ohun tí a fẹ́, ìkejì ń sọ ilé tí a ń lọ, ìlà kẹta tó ń jẹ́ `Authorization` ló gbé tálì. Bí sáfà kò bá rí tálì tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, nọ́ńbà 401 ló máa dá padà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, "Mi ò mọ ẹni tí o jẹ́." Àbúrò rẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ 403, ìyẹn ń sọ pé, "Mo mọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ibí yìí kì í ṣe tìrẹ." 401 ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń gbà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Bí áàpù wa bá sì ti rí 401, ojú ewé ìwọlé ló ń dá èèyàn padà sí.

Àṣírí yíyípo náà nìyẹn. Ẹni tó ń wọlé kò nílò tálì, torí ibẹ̀ gan-an ló ti wá gbà á. Nítorí náà, ìwọlé Ìyá Akápò ń yọrí sí rere ní gbogbo ìgbà. Ohun tó tẹ̀ lé ìwọlé, tí tálì gbọ́dọ̀ bá lọ, ni wọ́n ń dá padà. Gbólóhùn tí wọ́n sọ lórí fóònù ti ṣàpèjúwe àìsàn náà tán porogodo. Mi ò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Nǹkan mìíràn ló gbà mí lọ́kàn. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú, a kó áàpù náà kúrò lórí sáfà àtijọ́ lọ sórí tuntun. Ẹni tó ń bójú tó sáfà bá wa ṣe é, mo dán ìwọlé wò lórí fóònù tèmi, ó gbà mí wọlé, gbogbo wa sì lọ sùn. Nígbà tí wàhálà wá dé, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni kọ́kọ́rọ́ àṣírí. Gbogbo tálì ló ní òǹtẹ̀ tí sáfà fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan lù ú. Bí kọ́kọ́rọ́ orí sáfà tuntun bá yàtọ̀ sí ti àtijọ́, òǹtẹ̀ kò ní bára mu, sáfà á sì kọ tálì náà. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ méjèèjì síra, mo kà wọ́n lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan náà ni wọ́n.

Mo bọ́ sórí aago. Wákàtí kan ni ọjọ́ orí tálì tiwa, àsìkò tó máa kú sì wà lára rẹ̀. Sáfà tí aago rẹ̀ bá fi ju wákàtí kan lọ síwájú aago ẹ̀rọ tó fúnni ní tálì á máa ka tálì sí òkú láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Aago sáfà tuntun pé géérégé. Mo padà sínú kóòdù tó ń yẹ tálì wò, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo tún kà á. Ọ̀sán ti pọ́n. Ẹnìkejì mi ń gba fóònù lọ́wọ́ kan, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan ti yí páásìwọ́ọ̀dù wọn padà, wọ́n tún yí i padà, ẹnì kan ní òun ti yọ áàpù náà kúrò, òun sì ti tún un gbé sórí fóònù.

Èyí tó dùn mí jù ni pé kò sí ibì kan tí ẹ̀rọ ti kígbe. A ní ojú ewé kékeré kan tí ẹ̀rọ ìṣọ́ máa ń kàn sí ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá áàpù wà láàyè. Àwọ̀ ewé ló ń tàn látàárọ̀, torí ojú ewé yẹn kì í béèrè tálì. Ìwé àkọsílẹ̀ àṣìṣe ṣófo. Ìwé àkọsílẹ̀ àwọn àlejò kún fún 401, ṣùgbọ́n ìwé yẹn kì í kọ tálì sílẹ̀, kò sì yẹ kó kọ ọ́, torí ẹni tó bá ka ìwé náà lè jí tálì oníṣòwò lò.

Ohun tó là mí lójú ni èsì sáfà fúnra rẹ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wo 401, mi ò wo ìlà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìwé ìlànà kan wà fún irú tálì yìí, RFC 6750 ni wọ́n ń pè é, oṣù kẹwàá ọdún 2012 ló jáde. Ìwé náà ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń pò pọ̀. Bí tálì bá dé, tó sì jẹ́ ayédèrú tàbí tó ti kú, sáfà á sọ bẹ́ẹ̀:

```
WWW-Authenticate: Bearer error="invalid_token"
```

Bí tálì kò bá dé rárá, kò yẹ kí sáfà dárúkọ àṣìṣe kankan, torí kò sí ohun tó yẹ̀ wò:

```
WWW-Authenticate: Bearer
```

Ìkejì yìí ni sáfà wa ń dá padà. Mo jókòó sẹ́yìn. Láti àárọ̀ ni mo ti ń yẹ kọ́kọ́rọ́ àti aago wò nítorí tálì tí mo rò pé sáfà kọ̀, sáfà sì ń sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun kò fojú kan tálì kankan.

Ẹ̀wẹ̀, ó dá mi lójú pé fóònù ń fi í ránṣẹ́. Ibo ló wá ń gbà sọnù? Mo gba tálì tuntun kan, mo fi ìbéèrè kan náà ránṣẹ́ lọ́nà méjì. Àkọ́kọ́ gba ojú títì tí gbogbo ayé ń gbà wọlé. Fún ìkejì, mo wọ inú sáfà lọ, mo sì kan ilẹ̀kùn áàpù náà gan-an láti inú ilé:

```
curl -i -H "Authorization: Bearer $TALI" https://ajo.example/api/owo
curl -i -H "Authorization: Bearer $TALI" http://127.0.0.1:8000/api/owo
```

Àkọ́kọ́ mú 401 wá. Ìkejì mú 200 wá, owó ẹni náà sì hàn kedere. Tálì kan náà, áàpù kan náà. Ohun kan ṣoṣo tó wà láàárín ọ̀nà méjèèjì ni ẹ̀rọ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, èyí tí à ń pè ní pírọ́sì. Tiwa ń jẹ́ `nginx`.

Ibi yìí ló yẹ kí n dúró díẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn, títí kan àwa tó ń kọ kóòdù, rò pé ńṣe ni pírọ́sì ń gba lẹ́tà lọ́wọ́ àlejò tó sì ń gbé lẹ́tà yẹn gan-an wọ inú ilé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló ń ka lẹ́tà náà, tó mú ìwé tuntun, tó sì ń da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ sórí ìwé tuntun yẹn kó tó gbé e wọlé. Àwọn ìlà kan wà tó ń dà kọ bó ṣe bá wọn, àwọn kan wà tó ń yí padà, ó sì máa ń fi tirẹ̀ kún un, bí ìlà tó ń sọ ibi tí àlejò ti wá. Áàpù tó wà nínú ilé kò rí lẹ́tà àlejò rí. Ìwé tuntun nìkan ló ń rí. Bí akọ̀wé ẹnu ọ̀nà bá fo ìlà kan, kò sí àmì pípa tàbí ìwé fífàya tí ẹni inú ilé máa fi mọ̀ pé ìlà kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo fẹ́ fojú ara mi rí ìwé tuntun yẹn. Mo ya ọ̀nà kékeré kan lábẹ́ pírọ́sì náà, `/idanwo/`, mo sì darí rẹ̀ sí ilẹ̀kùn 9000, níbi tí kò sí áàpù kankan. Ẹ̀rọ kékeré kan ni mo fi jókòó síbẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó tẹ ohunkóhun tó bá dé síwájú mi lọ:

```
nc -l 9000
```

Mo wá rán ìbéèrè kan pẹ̀lú tálì láti kọ̀ǹpútà mi. Ohun tó dé nìyí:

```
GET /idanwo/ HTTP/1.0
Host: ajo.example
X-Forwarded-For: 203.0.113.7
Connection: close
User-Agent: curl/8.5.0
Accept: */*
```

Mo pe ẹnìkejì mi. A jọ kà á. Orúkọ ilé dé. Ibi tí mo ti wá dé. Orúkọ ẹ̀rọ tí mo fi ránṣẹ́ dé. Ìlà `Authorization` tí mo fọwọ́ ara mi tẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó ní, "Ó ti tán. Ibí ni."

Wíwá ẹni tó yọ ọ́ kò gba àkókò. Àṣẹ kan wà tó ń mú kí `nginx` tú gbogbo ìtọ́ni rẹ̀ sílẹ̀, àtèyí tó wà nínú fáìlì àkọ́kọ́ àtèyí tó fi pamọ́ sínú àwọn fáìlì mìíràn:

```
nginx -T | grep -i authorization
```

Ìlà kan ṣoṣo ló jáde:

```
proxy_set_header Authorization "";
```

Ohun tó wà láàárín àmì méjèèjì níparí yẹn ni òfìfo. Lọ́dọ̀ `nginx`, bí èèyàn bá ní kí ìlà kan di òfìfo, kò ní kọ òfìfo síbẹ̀. Kò ní kọ ìlà náà rárá. Kì í ṣe àṣìṣe, kò sì ní ìdí tó fi máa kọ ọ́ sínú ìwé àṣìṣe. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́.

Mo pe ẹni tó bá wa ṣe sáfà. Ẹ̀gbọ́n mi ni nínú iṣẹ́ yìí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí ìlà kan níbí tó ń sọ `Authorization` di òfìfo. Ṣé ẹ rántí ohun tó gbé e débẹ̀?"

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Háà! Àbúrò, ti ààyè ìdánwò nìyẹn. Ó ti bá wa kọjá wá."

Ìtàn ìlà náà sì mọ́gbọ́n dání. Oṣù díẹ̀ ṣáájú, nígbà tí áàpù kò tíì ní ìwọlé rárá, tó jẹ́ pé ojú ewé ìkéde nìkan la ní, a fi páásìwọ́ọ̀dù kan sẹ́nu ọ̀nà kí ará ìta má bàa rí i. Pírọ́sì ló ń yẹ páásìwọ́ọ̀dù yẹn wò. Ẹ wá wò ó, inú ìlà `Authorization` kan náà ni páásìwọ́ọ̀dù ẹnu ọ̀nà ń gbà wọlé, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ `Basic` níwájú rẹ̀ dípò `Bearer`. Ẹ̀gbọ́n kò fẹ́ kí páásìwọ́ọ̀dù yẹn kọjá ẹnu ọ̀nà lọ sínú áàpù tí kò mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ní kí pírọ́sì máa yọ ọ́ lẹ́yìn tó bá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó yẹ kí oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ ṣe nìyẹn. Nígbà tí a mú páásìwọ́ọ̀dù kúrò, wọ́n pa ìlà tó ń béèrè rẹ̀ rẹ́, wọ́n gbàgbé ìlà tó ń yọ ọ́. Inú fáìlì mìíràn ló wà, fáìlì yẹn ni wọ́n sì dà kọ sórí sáfà tuntun lálẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Ẹnìkan lè béèrè pé ṣé òfin gba pírọ́sì láyè láti yọ irú ìlà bẹ́ẹ̀. Ìwé ìlànà HTTP tó jáde lóṣù kẹfà ọdún 2022, RFC 9110, sọ ọ́ gbangba pé pírọ́sì kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan `Authorization` nínú ìbéèrè tó ń gbé lọ. Ṣùgbọ́n pírọ́sì tí ìwé náà ní lọ́kàn ni èyí tí ẹni tó ń béèrè yàn fúnra rẹ̀ láti máa rán níṣẹ́. Èyí tó dúró níwájú sáfà bíi tiwa, orúkọ mìíràn ló fún un, ó sì kà á mọ́ ara ilé. Onílé lè ní kó yọ ohun tó bá wù ú. Nítorí náà, kò sí òfin tí a lè fi mú un. Àwa la ni ín, àwa la pàṣẹ fún un.

A pa ìlà náà rẹ́, a ní kí `nginx` kọ́kọ́ yẹ ìtọ́ni rẹ̀ wò, lẹ́yìn náà kó tún un kà:

```
nginx -t && systemctl reload nginx
```

200. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Mo pe Ìyá Akápò, wọ́n wọlé lójú mi lórí fóònù, wọ́n ka iye tí wọ́n rí sókè, wọ́n ní ó pé.

Kí n tó rí ìlà yẹn, ọ̀nà méjì kan ti wá sí mi lọ́kàn tí mo dúpẹ́ pé mi ò gbà. Ọ̀kan ni pé kí n gbé tálì kúrò nínú ìlà `Authorization`, kí n so ó mọ́ àdírẹ́sì ojú ewé. Á ṣiṣẹ́, torí pírọ́sì kì í fọwọ́ kan àdírẹ́sì. Ṣùgbọ́n inú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn àlejò ni gbogbo àdírẹ́sì ń lọ, tálì gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ì bá sì wà níbẹ̀ ní gbangba. Ìkejì ni pé kí n ní kí áàpù gba ẹni tí kò ní tálì wọlé bí àlejò, kí ìpè lè dínkù. Èyí burú ju àìsàn tí a ní lọ. Ìyá Akápò ì bá wọlé láìsí ìdíwọ́, wọn ì bá sì rí òdo níbi tí owó wọn yẹ kó wà.

Nǹkan méjì la yí padà lọ́sẹ̀ yẹn. Àkọ́kọ́, pírọ́sì wa ń kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí bóyá ìbéèrè kọ̀ọ̀kan gbé tálì dé tàbí kò gbé e dé, láìkọ tálì náà fúnra rẹ̀:

```
map $http_authorization $tali {
    ""      "ko-si";
    default "wa";
}
```

Bí ìwé pírọ́sì bá sọ pé "wa", tí áàpù sì ń sọ pé òun kò rí nǹkan kan, a mọ ibi tó sọnù sí láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìkejì, ẹ̀rọ ìṣọ́ wa kò tún kan ojú ewé tí kì í béèrè tálì mọ́. Ó ní orúkọ tirẹ̀ àti páásìwọ́ọ̀dù tirẹ̀, ó ń gba ojú títì wọlé bí ọmọ ẹgbẹ́, ó gba tálì, ó béèrè owó, ó sì ń wò ó bóyá iye tó yẹ kó rí ló rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo irú áàpù bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, bó bá gbà yín wọlé tó tún ní kí ẹ wọlé, ẹ má yí páásìwọ́ọ̀dù yín padà. Páásìwọ́ọ̀dù tó gbà yín wọlé lẹ́ẹ̀kan ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ pe ẹni tó ni áàpù náà, kí ẹ sì sọ ọ́ fún un bí Ìyá Akápò ṣe sọ ọ́ fún mi gẹ́lẹ́: mo wọlé, ó gbà mí, mo béèrè nǹkan, ó tún ní kí n wọlé.